Nígbà Tí Blender Tuntun Kò Dá Ìjàpá Mọ̀ Mọ́

Ní ọjọ́ 30, oṣù Keje, ọdún 2019, àwọn tó ń ṣe Blender gbé ẹ̀dà 2.80 jáde. Blender ni ètò orí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa fi ń ṣe fíìmù káátúùnù, ìpolówó ọjà àti àwòrán ilé tí a kò tíì kọ́. Ará ilẹ̀ Nẹ́dálándì kan, Ton Roosendaal, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1994. Nígbà tó di 2002, wọ́n sọ ọ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni lè lò, tó lè tú wò, tó sì lè tún ṣe, láìsan kọ́bọ̀. Inú àwọn èèyàn dùn sí 2.80 gan-an nítorí pé ó rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀dà yìí kan náà ni wọ́n ti yọ ohun ńlá méjì kúrò pátápátá. Àkọ́kọ́ ni Blender Internal, ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń kun àwòrán, tó ń ṣe ìmọ́lẹ̀ àti òjìji rẹ̀. Èkejì ni Blender Game Engine, tí wọ́n fi ń ṣe géèmù. Ẹni tó bá ti fi ọ̀kan nínú méjèèjì ṣiṣẹ́ ṣáájú ìgbà náà ní iṣẹ́ lọ́wọ́ tí Blender tuntun kò lè kà tán.

Ẹ jẹ́ ká fi ayàwòrán kan n’Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ní 2018 ó fi Blender 2.79 ṣe fíìmù kékeré kan fún àwọn ọmọdé, nípa Ìjàpá. Blender Internal ló fi kun ún látòkèdélẹ̀. Iṣẹ́ náà dára, oníbàárà sanwó, fáìlì wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, oníbàárà kan náà padà wá pé òun fẹ́ apá kejì, pẹ̀lú Ìjàpá kan náà, àwọ̀ kan náà, kí ọmọ tó wo ti àkọ́kọ́ má bàa rò pé Ìjàpá mìíràn nìyí. Ayàwòrán wa ṣí fáìlì náà nínú Blender tuntun tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìjàpá jáde. Ó ń rìn bó ṣe máa ń rìn, ọrùn rẹ̀ ń yọ, ó sì ń wọlé. Ṣùgbọ́n batani ẹ̀yìn rẹ̀ ti parẹ́, ara rẹ̀ ti di àwọ̀ kan ṣoṣo tí kò ní àmì kankan, ojú ọ̀run tó kùn ní àwọ̀ ìrọ̀lẹ́ sì ti di eérú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ nígbà yẹn ni pé fáìlì ti bàjẹ́. Fáìlì kò bàjẹ́ rárá. Gbogbo ohun tó kùn ní 2018 ṣì wà lórí dísìkì bó ṣe fi í sílẹ̀. Blender Internal ní àyè tirẹ̀ nínú fáìlì, níbi tó ń kọ ọ́ sí pé àwọ̀ ara Ìjàpá nìyí, bó ṣe ń dán nìyí, àwòrán tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sì nìyí. Nígbà tí wọ́n yọ Blender Internal kúrò, wọ́n yọ apá ètò tó ń ka àyè wọ̀nyẹn pẹ̀lú rẹ̀. Blender tuntun ń ka egungun, ìrìn àti ìrísí ara, ó sì ń fo ìyókù kọjá. Ìdí nìyí tí Ìjàpá fi ń rìn láìní àwọ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni Ctrl+S. Ohun tí Blender tuntun kò kà, kò ní ibi tó máa tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ẹ bá fi í tọ́jú fáìlì náà sórí ara rẹ̀, ohun tó mọ̀ nìkan ló máa kọ sílẹ̀, àwọ̀ tí ẹ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kùn yóò sì jáde kúrò nínú fáìlì náà. Bí ẹ bá gbé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ padà sínú 2.79, àwọ̀ kò ní padà wá. Ọ̀rọ̀ kan ló lè yọ sójú yín: `File written by newer Blender binary`, tí ìkìlọ̀ sì tẹ̀ lé e pé kí ẹ máa retí àdánù. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ da fáìlì náà kọ sínú fódà mìíràn, àdàkọ yẹn sì ni kí ẹ máa fi ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá ti ṣi Ctrl+S tẹ̀ kí ó tó ka ọ̀rọ̀ yìí, kí ó wo ẹ̀gbẹ́ fáìlì náà. Blender máa ń tọ́jú ẹ̀dà tó ṣáájú nígbàkigbà tí ẹ bá tẹ Ctrl+S, ó sì máa ń fi 1 kún ìparí orúkọ rẹ̀. Bí `ijapa.blend` bá ti di ti tuntun, `ijapa.blend1` ṣì lè jẹ́ ti 2018. Ẹ da òun náà kọ, kí ẹ sì yọ 1 ìparí orúkọ àdàkọ náà kúrò, yóò ṣí. Àmọ́ bí Blender ṣe wà láìtún un tò, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló ń tọ́jú. Bí ẹ bá ti tẹ Ctrl+S lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀dà àtijọ́ ti lọ láti ibẹ̀ náà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ẹ̀dà tó kọ fáìlì kan gbẹ̀yìn? Fáìlì fúnra rẹ̀ ló máa sọ fún yín. Létí ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì `.blend` àtijọ́, lẹ́tà méjìlá wà tí ojú lásán lè kà. Lórí Linux tàbí Mac, ẹ kọ èyí sínú fèrèsé àṣẹ:

```
head -c 12 ijapa.blend
```

Èyí ló máa jáde:

```
BLENDER-v279
```

Nọ́ńbà mẹ́ta ìkẹyìn ni ẹ̀dà: 279 ni 2.79. Lórí Windows, bí fáìlì náà kò bá tóbi, ẹ fi Notepad ṣí àdàkọ rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò jẹ́ jágbajàgba, ṣùgbọ́n ìlà àkọ́kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹ pa á dé láìtọ́jú rẹ̀. Bó bá jẹ́ jágbajàgba ni gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó tọ́jú fáìlì náà ló fún un pọ̀ kó lè kéré. Ti àkókò 2.79 lè fi èyí hàn yín:

```
gzip -dc < ijapa.blend | head -c 12
```

Ẹ rántí pé ẹ̀dà tó kọ fáìlì náà gbẹ̀yìn ni nọ́ńbà yìí ń sọ. Kò sọ èyí tó bí i. Bí ẹ bá rí 280 tàbí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ lára iṣẹ́ tó yẹ kó jẹ́ ti 2018, ẹnìkan ti fi Blender tuntun tọ́jú rẹ̀, ẹ sì ní láti wá àdàkọ mìíràn. Mo máa ń fi dandan lé e kí n wo nọ́ńbà yìí ṣáájú ohun gbogbo, nítorí pé ó máa ń gbani lọ́wọ́ àríyànjiyàn. Oníbàárà lè sọ pé ẹ̀dà báyìí ni wọ́n fi ṣe é, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ nígbà náà lè sọ pé ẹ̀dà mìíràn ni, àmọ́ fáìlì kò gbàgbé.

Ó wá kan bí a ṣe máa mú ẹ̀dà àtijọ́ wọlé. Inú èyí ni àwọn tó ń ṣe Blender ti ṣe dáadáa ju ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ lọ: ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀dà tí wọ́n ti gbé jáde ló ṣì wà ní gbangba ní `download.blender.org/release/`. Ẹ wọ fódà `Blender2.79`. Ẹ máa rí 2.79, 2.79a àti 2.79b níbẹ̀. Ẹ mú 2.79b, tó jáde ní oṣù Kẹta 2018, nítorí pé òun ló ní gbogbo àtúnṣe. Fún Windows, ẹ má mú èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí `.msi`. Ẹ mú `blender-2.79b-windows64.zip`. Èyí `.msi` máa ń fi ara rẹ̀ sínú Windows, ó sì lè gba fáìlì `.blend` lọ́wọ́ Blender tuntun yín. Èyí `.zip` jẹ́ fódà lásán. Ẹ tú u sí ibi tó wù yín, ẹ tẹ `blender.exe`, ó ti ṣí nìyẹn. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ mọ́, ẹ pa fódà náà rẹ́.

Kò sí ohun tó burú nínú kí Blender méjì tàbí mẹ́ta wà lórí kọ̀ǹpútà kan. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀ tó ń kọ ètò ìlò rẹ̀ sí, tí nọ́ńbà ẹ̀dà sì wà lórí fódà náà, nítorí náà wọn kì í jà. Síbẹ̀, fún iṣẹ́ bíi ti Ìjàpá yìí, ó dára kí ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Nínú fódà tí ẹ tú, ẹ máa rí fódà kékeré kan tó ń jẹ́ `2.79`. Ẹ dá fódà òfìfo kan sínú rẹ̀, kí ẹ pè é ní `config`. Láti ìgbà náà lọ, Blender yìí yóò máa tọ́jú ètò ìlò rẹ̀ síbẹ̀, yàtọ̀ sí kó máa kọ ọ́ sínú fódà Windows. Ẹ lè wá gbé gbogbo rẹ̀ sórí fíláàṣì pẹ̀lú fáìlì fíìmù náà, kí ẹ sì ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn bó ṣe wà gẹ́lẹ́. (Láti Blender 4.2, `portable` ni orúkọ tí fódà yìí ń jẹ́, ìta pẹ̀lú `blender.exe` ló sì máa ń wà.)

Ohun kan wà tó máa ń dẹkùn mú àwọn èèyàn níbí. Wọ́n á mú 2.79 wọlé, inú wọn á dùn, wọ́n á wá lọ tẹ `ijapa.blend` lẹ́ẹ̀mejì nínú fódà rẹ̀. Blender tuntun ló máa ṣí i, nítorí pé òun ni Windows mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni fáìlì `.blend`. Ẹ kọ́kọ́ ṣí 2.79 fúnra rẹ̀, kí ẹ tó lo `File > Open`. Tàbí kí ẹ wọ́ fáìlì náà, kí ẹ sọ ọ́ sórí `blender.exe` inú fódà àtijọ́. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lókè fèrèsé kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kun àwòrán kan ṣoṣo láti fi dán an wò. Fún ayàwòrán wa, tó tú Blender sí `C:\blender-2.79b`, àṣẹ náà nìyí:

```
C:\blender-2.79b\blender.exe -b ijapa.blend -o //idanwo_ -F PNG -f 1
```

`-b` ní kí Blender ṣiṣẹ́ láìṣí fèrèsé, `-f 1` ní kó kun àwòrán àkọ́kọ́. Ìparí ni `-f` gbọ́dọ̀ wà, nítorí pé Blender ń ṣe àṣẹ náà láti apá òsì lọ sí ọ̀tún. Bí ẹ bá fi ṣáájú `-o`, yóò ti kun àwòrán tán kó tó gbọ́ ibi tí ẹ fẹ́ kó fi í sí. Àwòrán `idanwo_0001.png` yóò jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì náà. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán àkọ́kọ́ inú fídíò tí oníbàárà gbà ní 2018. Bí méjèèjì bá bára mu, ẹ ti dé ilé. Bí batani ẹ̀yìn Ìjàpá kò bá ṣì sí níbẹ̀, tí nọ́ńbà 279 sì wà lórí fáìlì, ẹ̀bi kò sí lọ́wọ́ ẹ̀dà mọ́. Ó ṣeé ṣe kí àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn wà lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tà. Ẹ lọ sí `File > External Data > Report Missing Files`, yóò sọ orúkọ èyí tó sọnù fún yín.

Bí a bá ti dé ibẹ̀, ìbéèrè tó kù ni bí ẹ̀dà yìí kò ṣe ní í yí padà mọ́ títí iṣẹ́ á fi parí. Ìdáhùn rẹ̀ rọrùn ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ, bí ẹ bá mọ ẹni tó ń ṣe àpúdéètì. Blender kì í ṣe àpúdéètì fún ara rẹ̀. Ẹ tú gbogbo inú rẹ̀ wò, ẹ kò ní rí ibi tí wọ́n ti ń pa àpúdéètì, nítorí pé kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá yín gbé Blender wọlé ló ń pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ Steam ni, Steam ni. Bó bá jẹ́ Microsoft Store ni, òun ni. Bó bá jẹ́ snap lórí Ubuntu ni, snap ni. Èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín tú láti inú `.zip` kò ní alágbàtọ́ kankan, kò sì sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ `.zip` nìyẹn.

Síbẹ̀, gbogbo iṣẹ́ kọ́ ni 2.79. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀dà tí snap gbé wọlé lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn lẹ ti fi bẹ̀rẹ̀ fíìmù gígùn, tí ẹ kò sì fẹ́ kí ó yí padà láàárín iṣẹ́. Snap máa ń wò bóyá ohun tuntun wà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, kò sì ní bi yín léèrè. Ẹ sọ fún un pé kó dúró:

```
sudo snap refresh --hold blender
snap list blender
```

Ìlà kejì ni ti àyẹ̀wò. Lábẹ́ `Notes`, ẹ gbọ́dọ̀ rí `held`. Bí ẹ kò bá rí i, dídúró náà kò mú, ó sì ṣeé ṣe kí snap orí kọ̀ǹpútà yín ti pẹ́ ju kó mọ àṣẹ yẹn lọ. Bó bá jẹ́ `apt` ló gbé e wọlé, `sudo apt-mark hold blender` ni àṣẹ tirẹ̀, `apt-mark showhold` sì ni yóò fi hàn pé ó mú. Lórí Steam, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ Blender, ẹ lọ sí `Properties`, kí ẹ wo `Betas`. Ibẹ̀ lẹ ti lè mú ẹ̀dà kan pàtó bó bá wà níbẹ̀, Steam yóò sì dúró lórí rẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ti `Updates`, nítorí pé gbogbo ohun tó lè ṣe ni kó sún àpúdéètì di ìgbà tí ẹ bá ṣí ètò náà, ìgbà tí ẹ bá sì ṣí i gan-an lẹ kò fẹ́ kó yí padà.

Ẹ̀dà àtijọ́ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àkọ́kọ́ ni àwọn àfikún tí wọ́n fi Python kọ. Ẹni tó bá ní kí ẹ dán àfikún tuntun kan wò nínú 2.79, ẹ má fi àkókò ṣòfò. Láti 2.80 ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bá Blender sọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí àpẹẹrẹ, ohun tí wọ́n ń kọ báyìí tẹ́lẹ̀ láti mú ohun kan:

```
obj.select = True
```

ti di èyí:

```
obj.select_set(True)
```

Àfikún àtijọ́ kò ní ṣiṣẹ́ nínú tuntun, tuntun kò sì ní ṣiṣẹ́ nínú àtijọ́. Nítorí náà, àfikún tí ayàwòrán wa lò ní 2018 gbọ́dọ̀ wà nínú fódà iṣẹ́ náà pẹ̀lú Blender rẹ̀. Èkejì ni kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. 2.79 kò béèrè ju OpenGL 2.1 lọ, nígbà tí 2.80 béèrè 3.3, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ lórí láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ti tuntun kọ̀ láti ṣí. Ṣùgbọ́n lórí àwọn kọ̀ǹpútà tuntun kan, fèrèsé rẹ̀ lè máa ṣẹ́jú tàbí kí kọ̀ọ̀kan nínú bọ́tìnnì rẹ̀ máa parẹ́. Ẹ lọ sí `File > User Preferences > System`, ẹ pààrọ̀ `Window Draw Method`, kí ẹ dán `Triple Buffer` tàbí `Full` wò. Ìkẹta ni ààbò. Fáìlì `.blend` lè gbé àṣẹ Python sínú, kò sì sí ẹni tó ń tún ihò inú 2.79 dí mọ́. Iṣẹ́ yín nìkan ni kí ẹ fi ṣí. Fáìlì tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò yẹ kó dé ibẹ̀, `Auto Run Python Scripts` sì gbọ́dọ̀ wà ní pípa.

Ayàwòrán wa kò nílò láti ṣe gbogbo apá kejì nínú 2.79. Èmi kò tilẹ̀ ní gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, nítorí pé Blender tuntun yára, ó sì ní irinṣẹ́ tó pọ̀. Kó kun Ìjàpá nìkan nínú ti àtijọ́, kó sì jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Nínú `Render`, lábẹ́ `Shading`, kó yí `Alpha` sí `Transparent`. Lábẹ́ `Output`, kó mú `PNG` àti `RGBA`. Àwòrán tó bá jáde, Ìjàpá nìkan ló máa wà lórí rẹ̀. Igbó, ọjà àti ojú ọ̀run, kó ṣe wọn nínú Blender tuntun, kó wá to Ìjàpá sórí wọn.

PNG tún dára ju fídíò lọ nítorí iná mànàmáná. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá fíìmù, ní àwòrán 24 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, jẹ́ àwòrán 240. Bó bá jẹ́ fídíò ló ń kun tààrà, tí wọ́n sì mú iná lọ láàárín òru, ó ṣeé ṣe kí fídíò náà má ṣí mọ́ rárá. Bó bá jẹ́ PNG ni, gbogbo èyí tó ti jáde ṣì wà nínú fódà. Kó wo nọ́ńbà èyí tó jáde kẹ́yìn, kó pa á rẹ́, nítorí pé ó lè jẹ́ ìdajì ló kọ kí iná tó lọ, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀. Bó bá jẹ́ 138 ni:

```
C:\blender-2.79b\blender.exe -b ijapa.blend -o //aworan/ijapa_ -F PNG -s 138 -e 240 -a
```

`-s` ni ibi ìbẹ̀rẹ̀, `-e` ni ìparí, `-a` sì ni kó kun gbogbo ohun tó wà láàárín wọn.